Ìdí Tí Ọ̀rọ̀ Àkọ́kọ́ Fi Ń Bọ́ "Al-" Sílẹ̀ Nínú Ìdọ́fà Lárúbáwá

Nínú èdè Lárúbáwá, *al-* ni wọ́n ń fi síwájú ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi hàn pé ohun tí à ń wí ti di mímọ̀ fún ẹni tó ń gbọ́. *Baitun* ni ilé kan, ilé yòówù kó jẹ́. *Al-baitu* ni ilé tí a ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní *al-* a sábà máa gba *n* sí ìparí, òun ni àwọn àfáà ń pè ní tanwínì. Ọ̀rọ̀ kan kì í ní méjèèjì pa pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ pé "ilé ọba", *baitul-maliki* ni yóò jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú kò ní *al-*, kò sì ní tanwínì. Ìsopọ̀ yìí ni ìdọ́fà: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni mudọ́fù, èkejì ni mudọ́fù ilaihi.

Etí lè tan ènìyàn jẹ níbí. *L* tó dún nínú *baitul* kì í ṣe ti ilé rárá. Ti ọba ni. *Baitu* dá dúró lọ́tọ̀, *al-maliki* tẹ̀ lé e, *a* inú *al-* sì pa jẹ nígbà tí a pè wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ Abdul-Rahimi, èyí tí í ṣe *abdu* (ẹrú) pẹ̀lú *al-Rahimi* (Aláàánú). Ẹni tó bá gé orúkọ náà sí "Abdul" ti mú *l* kúrò lára orúkọ Ọlọ́run, ó sì ti fi ẹrú sílẹ̀ láìlólúwa. Nínú Nurudeen, *l* yẹn ti yí padà di *d*, nítorí pé *d* ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e: *nuru* (ìmọ́lẹ̀), *al-dini* (ẹ̀sìn), *nurud-dini*.

Kí ló dé tí mudọ́fù kò fi gba *al-*? Sibawaihi, ọ̀gá àwọn onígírámà Lárúbáwá tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹjọ, rí i pé ipò tanwínì ni mudọ́fù ilaihi dúró sí. Tanwínì ló ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ti wá so mọ́ ọn lẹ́yìn, kò tíì parí mọ́, àwọn méjèèjì ti di ẹyọ kan. Ẹyọ kan kò sì nílò àmì ìmọ̀ méjì. Bí ọba bá ti di mímọ̀, ilé rẹ̀ ti di mímọ̀ nípasẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ilé pàdánù ohun tí *al-* ń ṣe. Ọ̀dọ̀ ọba ló ti ń gbà á. Bí ọba náà bá jẹ́ ọba kan ṣáá, *baitu malikin* ni a ó wí, ilé náà yóò sì jẹ́ ilé ọba kan tí a kò mọ̀.

Ẹ̀rí tó dájú jù lọ wà lára ọ̀rọ̀-àpèjúwe, nítorí ó gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ tó ń yán mu. Bí a bá ní ilé ńlá ni ọba ní, a ó wí pé *baitul-malikil-kabiru*. *Al-kabiru* ní *al-*, bẹ́ẹ̀ ilé ló ń yán. Ìyẹn ni pé ilé jẹ́ mímọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí *al-* lórí rẹ̀. Bí a bá yí fáwẹ̀lì ìparí padà, tí a ní *baitul-malikil-kabiri*, ọba ló wá tóbi, nítorí *i* ni mudọ́fù ilaihi máa ń gbà. Kìkì *u* àti *i* ló ya ìtumọ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ń gé fáwẹ̀lì ìparí sọnù nígbà tó ń kàwé kò ní mọ ẹni tó tóbi nínú wọn.

Ìdọ́fà lè gùn. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ilé ọba ni *miftahu babi baitil-maliki*. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn nìkan ló ní *al-*, síbẹ̀ kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn àti ilé ni gbogbo wọn jẹ́ mímọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni *al-baitul-maliki*. Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ti dí ẹnu ọ̀nà ìsopọ̀ náà, *i* ìparí *maliki* kò sì ní ohun tó fà á mọ́.

Òfin yìí ní ààlà kan tó yẹ kí a mọ̀. Bí mudọ́fù bá jẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe, bíi *hasanun*, tó túmọ̀ sí ẹni tó dára, ó lè gba *al-*: *al-hasanul-wajhi*, ẹni tí ojú rẹ̀ dára. Ojú kọ́ ló ni ẹwà níbí bí ọba ṣe ni ilé, kò sì lè sọ mudọ́fù di mímọ̀. *Al-* tirẹ̀ ni yóò fi di mímọ̀. Ní ìdà kejì, bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ nípa ilé kan péré nínú ọ̀pọ̀ ilé ọba tí a mọ̀, ìdọ́fà kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí ọba yóò sọ ilé náà di mímọ̀ tipátipá. Ó gbọ́dọ̀ tú ìsopọ̀ náà, kí ó dá tanwínì padà fún ilé, kí ó sì fi *li* sáàárín: *baitun lil-maliki*.