₦600,000 ni mo kọ sí ìnfọ́ìsì, ₦540,000 ló wọlé

Lónìí, ọ̀rọ̀ owó tó ń dín kù kó tó dé ọwọ́ wa ni mo fẹ́ sọ, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Lọ́dún 2025, mo ṣe pódíkáàsì alápá mẹ́fà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó. ₦100,000 ni apá kan, nítorí náà mo kọ ₦600,000 sí ìnfọ́ìsì. Mo ti ṣèlérí ₦200,000 fún ọmọkùnrin tó bá mi tún ohùn ṣe, mo sì jẹ gbèsè sítúdíò. Nígbà tí àlááàtì dún, ₦540,000 ni mo rí. Mo rò pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ.

Mo pe akáńtáǹtì wọn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Owó mi kò pé." Ó ní, "Àbúrò, ó pé. Owó orí la yọ. Ìwọ lo kò kọ TIN rẹ sí ìnfọ́ìsì."

Ohun tó ń sọ nìyí. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ san owó fún ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òfin ní kó kọ́kọ́ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kó sì san án fún ìjọba lórúkọ ẹni náà. Owó orí àyọsílẹ̀ nìyẹn; nínú ìwé wọn, WHT lẹ máa rí. Iye tí wọ́n ń yọ yàtọ̀ láti iṣẹ́ sí iṣẹ́. Iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ pàtàkì ni wọ́n ka tèmi sí, náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń yọ lórí irú rẹ̀. Ká ní ó rí bẹ́ẹ̀, ₦30,000 ni ì bá lọ, ₦570,000 ni ì bá kù fún mi.

Ṣùgbọ́n ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 sọ pé bí ẹni tó fẹ́ gbowó kò bá ní TIN, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá ẹni tó ń san owó orí mọ̀, ìlọ́po méjì ni kí wọ́n yọ. Mo ní TIN o! N kò kàn kọ ọ́ ni. Wọ́n kò rí i, ni wọ́n bá yọ ₦60,000. Nígbà tí mo fi máa ṣàlàyé, wọ́n ti san án fún ìjọba.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni pé a rò pé owó náà ti gbé nìyẹn. Kò gbé. Àsansílẹ̀ ni, lórí owó orí tí a máa san fún ọdún yẹn. Ká sọ pé nígbà tí mo kọ ìwé owó orí mi, ₦150,000 ló yẹ kí n san fún gbogbo ọdún. Bí mo bá ní ẹ̀rí ₦60,000 tí wọ́n ti yọ, ₦90,000 péré ló kù tí màá san. Bí n kò bá ní ẹ̀rí, odindi ₦150,000 ni màá san, owó kan náà á sì jáde lápò mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Rìsíìtì ni kí ẹ béèrè. Ẹ wò ó bóyá orúkọ yín, TIN yín, gbogbo iye iṣẹ́ àti iye tí wọ́n yọ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ara yín lẹ fi ń ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe kọ́ńpìnì, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló yẹ kí owó náà lọ. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tó bá ilé-iṣẹ́ Èkó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé Ọ̀yọ́ ni kí wọ́n san tòun sí.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pe Àǹtí kó tó fi rìsíìtì tèmi ránṣẹ́. Mo ti fi pamọ́ de ìparí oṣù kẹta, tí í ṣe ọjọ́ tí ìwé owó orí ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ wọlé. Ọmọkùnrin ohùn gba ₦200,000 rẹ̀ pé, sítúdíò ló fún mi láyè díẹ̀ sí i. Ní báyìí, TIN mi ló wà lókè ìnfọ́ìsì, àní kó tó kan orúkọ mi.

Ó dọ̀la o.