Kí Ni Ètò Ìṣirò Yìí Máa Ṣe fún Oníṣọ́ọ̀bù?

“Ètò wa ní ìránnilétí gbèsè aládàáṣe.” Irú gbólóhùn yìí ló wọ́pọ̀ nínú ìpolówó ètò ìṣirò owó orí fóònù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ìrẹsì, ọṣẹ àti mílíìkì níwájú ilé rẹ̀ kò rí ti ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ètò náà ní ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ oore tó máa ṣe é.

Inú ọ̀rọ̀ àwìn ni oore náà wà. Ìwé kan máa ń wà lábẹ́ káńtà, tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó rajà láwìn sí. Ká sọ pé Bàbá Ràfíù jẹ 6,000 náírà, ó wá san díẹ̀. Wọ́n á fa igi lé iye àkọ́kọ́, wọ́n á kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oṣù bá parí, bàbá ní 2,000 lòun san, oníṣọ́ọ̀bù ní 1,000 ni. Bí kò bá tiẹ̀ sí àríyànjiyàn, ojú ṣì máa ń ti èèyàn láti lọ sin aládùúgbò lówó.

Nítorí náà, ẹni tó ń kọ ìpolówó gbọ́dọ̀ máa béèrè pé, “Kí nìyẹn máa ṣe fún un?” Ètò náà ń rán oníbàárà létí. Kí nìyẹn máa ṣe? Kò ní jẹ́ kí ìyá náà máa lọ kan ilẹ̀kùn. Kí nìyẹn náà máa ṣe? Owó lè tètè wọlé kó tó lọ ra ọjà tuntun. Ibẹ̀ ni kó ti dúró, torí ìbéèrè kan sí i á gbé e dé “ayé yín á dùn”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi polówó ohunkóhun.

Ìpolówó náà wá di: “Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní òun máa san àwìn, ètò yìí á fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán an létí. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.” Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, torí òun ló jẹ́ kí ìlérí náà ṣeé gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni tí wọ́n bá kọ ọ́ pé “ẹ ó gba gbogbo owó yín”: ètò ò lè fipá mú ẹnikẹ́ni sanwó, kò sì lè mọ àwìn tí wọn ò tẹ̀ sínú rẹ̀.

Láti dán an wò, kí wọ́n kà á fún oníṣọ́ọ̀bù kan, kí wọ́n pa ìwé náà dé, kí wọ́n sì bi í pé, “Mà, kí lẹ gbọ́ pé ó máa bá yín ṣe?” Tó bá dáhùn pé, “Wọ́n ní ó dáa”, kí wọ́n tún un kọ.

Ti ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, tó sì ti lo irú ètò bẹ́ẹ̀ rí, yàtọ̀. Ó ti mọ oore rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iye èèyàn tó lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Kí ìpolówó tirẹ̀ dáhùn ìyẹn lójú ẹsẹ̀.