Ọgọ́ta Ti Òní, Ọgọ́ta Ti Ọjọ́ Pípẹ́

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo màmá kan tó ti fi igi dáná fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé. Èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, kò sì lè mí gáàsì kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì síta tó bó ṣe yẹ mọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀, ásíìdì ni gáàsì yìí ń dà. Tiwa kì í ju nǹkan bí 40 lọ. Tirẹ̀ ti di 60.

Ká ní àárọ̀ yìí ló di 60, baikábọ́nẹ́ètì tó ń rọ ásíìdì lójú kò ní ju 26 lọ, láti orí 24 tó máa ń wà. pH ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó wà láàárín 7.35 sí 7.45, á já sí 7.26. Orí á máa fọ́ ọ, á máa tòògbé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì dàrú. Ṣùgbọ́n màmá yìí jókòó, ó ń bá dókítà sọ̀rọ̀: baikábọ́nẹ́ètì rẹ̀ jẹ́ 31, pH rẹ̀ 7.34.

Kíndìnrín ló ṣiṣẹ́ yẹn. Kò lè lé gáàsì jáde, àmọ́ ó ń dá baikábọ́nẹ́ètì tó fẹ́ bá ìtọ̀ lọ padà sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ṣe tuntun. Èròjà púrótéènì kan tó ń jẹ́ glutamáìnì ló ń tú palẹ̀; amóníà tó ń ti ibẹ̀ jáde á gbé ásíìdì sínú ìtọ̀. Ó ní láti kọ́kọ́ pọ̀ sí i ní àwọn ohun èlò tó fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi ń gbà tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Kì í sì í sábà ṣe é dé ojú àmì: bí pH irú màmá bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 7.43, dókítà tó gbọ́n á béèrè bóyá ó ń bì, tàbí ó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ìtọ́jú. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ amúnimí sí i, tí wọ́n sì fà á wálẹ̀ sí 40 láàárín wákàtí kan, baikábọ́nẹ́ètì 31 kò tíì kúrò níbẹ̀. pH á fò sókè sí 7.51, gìrì lè mú un, ọkàn rẹ̀ sì lè máa lù ségesège. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n mú un padà sí ibi tó ti mọ́ ọn lára. Ọ́síjìn náà, ìwọ̀n 88 sí 92 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà ń fẹ́ kó mọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè tún mú gáàsì náà gòkè.

Ẹni tó ń gun òkè Kilimanjáro ń rí òdì kejì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbẹ̀, ó ń mí lemọ́lemọ́, gáàsì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, pH ń gòkè. Kíndìnrín á wá máa da baikábọ́nẹ́ètì sínú ìtọ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Oògùn asẹtasólámáìdì tí àwọn agunkè ń lò ń mú kó tètè ṣe é. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ńkọ́? Ìka rẹ̀ lè máa ta á ṣín-ín-ṣín-ín, ṣùgbọ́n kí kíndìnrín tó fara kàn án, ìmí rẹ̀ á ti padà sípò.