Báwo Ló Ṣe Wà, Níbo Ló sì Wà?

Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ tíṣà kẹ́mísírì, ìwé sítọ́ọ̀kì láàbù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti fi rúlà pín ojú ìwé náà sí òpó mẹ́ta: nọ́ńbà, orúkọ nǹkan, iye rẹ̀. Mo rí i níbẹ̀ pé búrẹ́ẹ̀tì jẹ́ 12, pìpẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ 12, sódíọ̀mù háídírọ́kísáìdì sì jẹ́ ìgò kan. Ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí àwọn ọmọ SS3 ṣe mọ́ọ̀kì, mo sì gbà pé ohun tí a ó lò ti pé.

Ọjọ́ tí mo kó àwọn búrẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì ni mo tó mọ̀. Méjì ti kán lẹ́nu, mẹ́ta ń jò ní táàpù. Méjìlá inú ìwé di méje lójú ayé. Ẹni tó kọ ìwé náà kò purọ́, torí méjìlá náà ni mo kà. Ohun tí mo nílò ni kò kọ síbẹ̀: báwo ni wọ́n ṣe wà?

Búrẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pá dígí gígùn tí a fàmì sí lára, tí táàpù kékeré wà nídìí rẹ̀, tí ọmọ ilé ìwé fi ń ro àsíìdì díẹ̀díẹ̀ tó sì ń ka iye tó lọ. Èyí tó ń jò kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú. Ẹ bu omi kún un dé àmì òdo, ẹ gbé e dúró ṣánṣán lórí igi rẹ̀, ẹ nu ẹnu rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú àmì, tàbí tí ẹ̀kán omi kan rọ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ń jò nìyẹn. Bí táàpù rẹ̀ bá jẹ́ ti dígí, ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ fi fasilíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á lára, kí ẹ má jẹ́ kó wọ inú ihò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbádùn lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tó kán lẹ́nu ní tirẹ̀ kò ní àtúnṣe, nítorí bí omi ṣe ń ro láti ẹnu rẹ̀ ti yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi kórìíra kí wọ́n kàn kọ “ó dára” tàbí “kò dára”. Ẹ kọ ohun tó ń ṣe é, kí ẹni tó bá kà á mọ̀ bóyá fasilíìnì ni yóò mú wá tàbí owó.

Ti kẹ́míkà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kẹ́míkà lè bàjẹ́ nínú ìgò kí iye rẹ̀ má sì dín. Ẹ wo sódíọ̀mù háídírọ́kísáìdì, NaOH, èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń pè ní kọ́sítíìkì sódà. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ sára. Bí ọmọrí ìgò rẹ̀ kò bá dé pinpin, àwọn hóró rẹ̀ yóò tutù, wọn yóò lẹ̀ mọ́ra wọn, ìgò náà yóò sì tún wúwo ju bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n wò ó yóò ní ó ṣì kún.

Ẹ jẹ́ ká bá a dé orí tábìlì. Tíṣà wọn gíráàmù 4, ó pò ó mọ́ omi títí ó fi pé lítà kan, ó sì gbà pé agbára rẹ̀ jẹ́ 0.1. Ṣùgbọ́n bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó wọ̀n bá jẹ́ omi, sódà gidi tó wà níbẹ̀ kò ju gíráàmù 3.2 lọ, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 0.08. Ọmọ náà wá fa 25 cm³ rẹ̀ sínú ìgò, ó ń ro àsíìdì háídírókílóríìkì tí agbára tirẹ̀ jẹ́ 0.1 sí i. Ó yẹ kí àwọ̀ yí padà nígbà tí àsíìdì bá tó 25 cm³. Ní 20 ló yí. Ọmọ tún un ṣe, 20 náà ni. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọwọ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ìyẹn kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan láti mọ̀ nígbà ìkaye. Ẹ rí i pé ọmọrí dé, kí ẹ sì mi ìgò náà. Hóró tó gbẹ á máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí àgbàdo gbígbẹ. Èyí tó ti fa omi kì í dún. Ẹ má dà á nù, ó ṣì wúlò fún ìdánwò iyọ̀. Ẹ ṣáà kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kò yẹ fún taítíréṣọ̀n.

Nígbà tí mo tún ìwé náà kọ, bí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe rí nìyí:

| Nǹkan | Iye | Báwo ló ṣe wà | Níbo ló wà |
|---|---|---|---|
| Búrẹ́ẹ̀tì, 50 cm³ | 12 | 7 ń ṣiṣẹ́. 3 ń jò ní táàpù. 2 kán lẹ́nu | A2 |
| NaOH | ìgò 1 | ti fa omi, kì í ṣe fún taítíréṣọ̀n | D1 |
| KMnO₄ | ìgò 1 | gbẹ, ó dára | C2 |
| Pùrópánóònù | ìgò 1 | ó dára. Lébẹ́lì ń ṣí | kọ́bọ́ọ̀dù irin |

Lẹ́tà dúró fún kọ́bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà dúró fún pẹpẹ, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. A fi pẹ́ńtì kọ ọ́ sára kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Bàbá Láàbù, ẹni tó ti ń tọ́jú yàrá náà kí n tó dé, ló jẹ́ kí òpó ìkẹyìn yìí yé mi. Mo ń nu ìyẹ̀fun funfun kan kúrò lára àwọn ìgò, mo rò pé eruku ni. Ó ní, “Tíṣà, eruku kọ́ nìyẹn o. Ìgò méjì ló ń bára wọn jà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.” Òótọ́ ni. Àsíìdì háídírókílóríìkì àti amóníà ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà. Ooru àwọn méjèèjì ń yọ́ jáde lẹ́nu ìgò, wọ́n ń pàdé nínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń di iyọ̀ funfun. Ooru àsíìdì yìí kan náà ló ti jẹ́ kí òṣùwọ̀n tó wà nítòsí dípẹtà.

Ohun tó fà á ni pé bí a-bí-dí ni wọ́n ṣe to kẹ́míkà. Ó rọrùn láti wá, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Nínú lẹ́tà P, pọtásíọ̀mù pàmángánéètì, KMnO₄, fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan pùrópánóònù, ìyẹn asitóònù tí àwọn obìnrin fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́. Èyí èkejì tètè ń gbiná. Èyí àkọ́kọ́ sì ń fún iná ní afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó kíkan. Ẹ to orúkọ bí a-bí-dí nínú ìwé, kò burú. Lórí pẹpẹ, ìwà ni ká fi tò wọ́n: àwọn tó ń gbiná sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin, àwọn tó ń ran iná lọ́wọ́ jìnnà sí wọn, àsíìdì lọ́tọ̀, amóníà àti sódà lọ́tọ̀.

Kí àsíìdì líle sì wà nísàlẹ̀, lórí abọ́ rọ́bà. Àsíìdì sọ́fúríìkì tó kún ìgò lítà 2.5 wọ̀n ju kílò mẹ́rin àbọ̀ lọ láìka ìgò fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni na ọwọ́ sókè gbé irú ẹ̀ kọjá lójú ara rẹ̀.

Ẹni méjì ló yẹ kó ka sítọ́ọ̀kì, ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń kà láti inú ìwé, èkejì ń fọwọ́ kan nǹkan náà níbi tí ìwé ní ó wà. Ohun tí a kò bá lébẹ́lì lára rẹ̀ mọ́, kí wọ́n má fi imú gbọ́ ọ, kí wọ́n má sì méfò orúkọ fún un. Ẹ kọ “a kò mọ̀ ọ́n”, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí wọ́n bá tún dá owó kẹ́míkà ní ìpàdé òbí àti tíṣà, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé sítọ́ọ̀kì wá. Ẹ má ka iye nìkan. Ẹ wo òpó méjì tó tẹ̀lé e, bí wọn kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fà wọ́n sí i kí ẹ tó sanwó.