Ẹ Dán Síkéèlì Wò Kí Ẹ Tó Gbé Ọmọ Kọ́ Ọ

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera ní Òmù-Àrán, Èsìẹ́ àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, tí ẹ ń lo síkéèlì onísípírìn tí a ń gbé kọ́. Ó ń wọn ẹrù dé kìlò 25, ìlà kéékèèké ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ gíráàmù 100.

Kí àwọn ìyá tó dé, ẹ gbé e kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní máa fì í, kí ojú rẹ̀ ṣe déédéé ojú yín. Ẹ fi ṣòkòtò ìwọ̀n kọ́ ọ, kí ẹ yí kókó rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ yóò fi dúró lórí òdo. Ẹ wá so irin kìlò 5 mọ́ ọn, ẹ kà á. Lẹ́yìn náà irin kìlò 10. Irin tí a ti fi wé òṣùwọ̀n ìjọba ni kí ẹ lò, èyí tí kò dípẹtà. Ẹ má fi kọ́ńgò gaàrí rọ́pò rẹ̀ o: àyè ni kọ́ńgò ń wọ̀n, kì í ṣe bí nǹkan ṣe wúwo tó, ẹ sì mọ bí ọwọ́ oníṣòwò ṣe rí.

Bí ó bá ka 5.3 àti 10.3, àṣìṣe kan náà ni, òdo ni kò tọ́. Ẹ tún un yí, kí ẹ tún dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ka 5.2 àti 10.4, àṣìṣe ń pọ̀ bí ẹrù ṣe ń pọ̀: sípírìn ti rọ̀, kókó kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ọmọkùnrin olóṣù mẹ́fà tó jẹ́ kìlò 6.2 yóò ka 6.4 lórí irú síkéèlì bẹ́ẹ̀. Nínú òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, 6.4 gan-an ni ìlà ìsàlẹ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò tó ti ríbi sá sí nìyẹn. Ẹ má máa fọkàn yọ iye àṣìṣe náà kúrò. Ẹ gbé síkéèlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“A ti tún un ṣe” nìkan kò tó nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí, pẹ̀lú déètì àti orúkọ ẹni tó dán an wò:

“Síkéèlì kejì. Òdo tọ́. Irin 5 ka 5.2, irin 10 ka 10.4. Sípírìn ti rọ̀. A ti kọ ‘Ẹ má lò ó’ mọ́ ọn. Síkéèlì kìíní ni a ń lò báyìí; ó ka 5.0 àti 10.0. A ó tún àwọn ọmọ tí a wọ̀n láti ìgbà àyẹ̀wò tó dára kẹ́yìn wọ̀n.”

Bí síkéèlì bá ti ibi àtúnṣe dé, ẹ kọ ohun tó kà lórí irin méjèèjì kí ẹ tó gbé ọmọ kankan kọ́ ọ. Iye tí kò tọ́ lórí káàdì ọmọ, ìlà kan ni kí ẹ fà lé e, kí ẹ kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí a bá ránṣẹ́ pè yín padà láti tún ọmọ yín wọ̀n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá. Síkéèlì wa ló ṣàṣìṣe, kì í ṣe ẹ̀yin.