Inú rírun lókè ìdodo: ṣé oúnjẹ ló ń pa á rọ́rọ́, àbí oúnjẹ ló ń ru ú sókè?

Bí ẹnì kan bá ní inú ń run òun lókè ìdodo, lábẹ́ egungun àyà gan-an, ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pè é: ọ́sà. Aládùúgbò á ní ọ́sà ni, ẹni tó ń ta oògùn á ní ọ́sà ni, wọn á sì fún un ní oògùn tí wọ́n fún ẹni tó wá lánàá. Ṣùgbọ́n àìsàn tó ń mú ibẹ̀ run ènìyàn ju ẹyọ kan lọ. Méjì nínú wọn ni a fẹ́ yà sọ́tọ̀ lónìí: ọgbẹ́ inú, èyí tí í ṣe ọ́sà gan-an, àti kí awọ inú agbẹ̀du wú kó sì pọ́n, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní gasitiráítíìsì.

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Awakọ̀ ni ọkọ, ẹni ọdún 44. Aránṣọ ni ìyàwó, ẹni ọdún 41. Ojú kan náà ni inú ti ń run àwọn méjèèjì. Wọ́n ra páálí oògùn kan, wọ́n jọ ń lò ó. Oṣù méjì kọjá, ara kò tíì dá ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Bí a bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, a ó rí i pé kì í ṣe ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n. Nǹkan bí aago méjì òru ni inú rírun máa ń jí ọkọ. Ó máa ń ṣe é bí ẹni pé ebi ń pa á lápajù, bí ẹni pé nǹkan ń jẹ ẹ́ nínú. Bí ó bá dìde tó jẹ ẹ̀kọ kan tàbí búrẹ́dì díẹ̀, kò ní pẹ́ tí ara á fi tù ú, á sì padà sùn. Lọ́sàn-án pẹ̀lú, bí ó bá jẹun tán, ara rẹ̀ á le fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lọ, kó tún padà wá.

Ti ìyàwó kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó tó jẹun, ara rẹ̀ máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Bí ó bá jẹun tán, kò ní tó ìdajì wákàtí tí òkè inú rẹ̀ á fi máa jó o, inú á wú, á máa gùfẹ̀, èébì á sì máa gbé e. Ìwọ̀n oúnjẹ tí kò tó ti tẹ́lẹ̀ ti ń yó o. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún oúnjẹ.

Kí ló fà á tí oúnjẹ fi ń tu ẹnì kan lára, tó sì ń ni èkejì lára? Agbẹ̀du wa máa ń pèsè omi kíkan kan tó lágbára, èyí tí a ń pè ní ásíìdì, láti fi lọ oúnjẹ. Kí omi náà má bàa jẹ agbẹ̀du fúnra rẹ̀, ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá bo awọ inú rẹ̀. Bí ohun yíyọ̀ yìí bá fẹ́lẹ́ tàbí tó bá já, ásíìdì á kan awọ. Bí awọ náà bá kàn wú tó sì pọ́n, tí kò sí ihò lára rẹ̀, gasitiráítíìsì nìyẹn. Bí ó bá jẹ wọlé débi pé ó gbẹ́ ihò, ó di ọgbẹ́ inú. Ihò náà lè wà nínú agbẹ̀du, ó sì lè wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, níbi tí oúnjẹ ti ń jáde kúrò nínú agbẹ̀du.

Ibi tí ọgbẹ́ wà ṣe pàtàkì. Bí ó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, oúnjẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ á fa ásíìdì mu, ẹnu ọ̀nà agbẹ̀du á sì pa dé fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ásíìdì kò ní dà sórí ọgbẹ́. Lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, tí oúnjẹ bá ń jáde lọ, ásíìdì á tẹ̀ lé e. Lóru, agbẹ̀du ṣì ń pèsè ásíìdì, kò sì sí oúnjẹ tó máa gbà á dúró. Ìdí nìyẹn tí ọkọ fi ń jí. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá wà nínú agbẹ̀du gan-an, oúnjẹ á bọ́ lù ú, ásíìdì á sun jáde, agbẹ̀du á máa fẹ̀, á máa lọ oúnjẹ. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rù nítorí pé ó ń bẹ̀rù oúnjẹ.

Ní ti gasitiráítíìsì, kì í ṣe ojú kan ló pọ́n. Nítorí náà, jíjó, inú wíwú, èébì tó ń gbéni àti yíyó kíákíá ni ènìyàn máa ń rò jù, kì í sábà jẹ́ ìrora tí a lè fi ìka kan tọ́ka sí. Oúnjẹ lè mú un le sí i, ó sì lè dẹ̀ ẹ́ fún àwọn mìíràn. Ó pọ̀ tí ó ní in tí kò mọ nǹkan kan lára.

Ibí yìí ni ká ti ṣọ́ra. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni a sọ, kì í ṣe òfin. A rí ẹni tí ọgbẹ́ wà ní ìfun rẹ̀ tí oúnjẹ sì ń ni lára. A rí àgbàlagbà àti ẹni tó ń lo oògùn ìrora tí ọgbẹ́ wọn kò dùn wọ́n rárá títí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà nínú. Ọ̀rọ̀ ìyàwó aránṣọ yìí jọ ti ọgbẹ́ inú agbẹ̀du. Nígbà tí dókítà fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú rẹ̀, kò rí ihò kankan. Awọ tó pọ́n tó sì wú ló rí.

Dókítà wá béèrè oògùn tí ó ń lò. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún nítorí ìjókòó ìdí ẹ̀rọ, ó sì ti ń lo ibupurofẹ́ẹ̀nì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti oṣù méjì. Oògùn yìí, díkílófẹ́nákì àti asipiríìnì máa ń dènà èròjà tí ara fi ń pèsè ohun yíyọ̀ inú agbẹ̀du. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kí ènìyàn jẹun kó tó lò ó, tàbí kó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ dípò hóró, kò mú ewu kúrò. Dókítà ní kó dá ibupurofẹ́ẹ̀nì dúró, ó fi parasitamọ́ọ̀lù rọ́pò rẹ̀, ó sì fún un ní omepurasóòlù, tó ń dín ásíìdì kù, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ara rẹ̀ yá. Ẹni tí dókítà fún ní asipiríìnì nítorí ọkàn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó kọ́kọ́ lọ bi dókítà.

Ní ti ọkọ, kòkòrò ló fà á. Tipẹ́tipẹ́ ni a ti ń sọ pé ata àti ìrònú ló ń fa ọ́sà. Ata lè mú kí ó ta èèyàn, ṣùgbọ́n kì í gbẹ́ ihò náà. Ní ìlú Perth ní Australia, dókítà méjì, Robin Warren àti Barry Marshall, rí kòkòrò kan tó ń gbé nínú agbẹ̀du, tí a ń pè ní Helikobátà páílórì. Ní 1984, Marshall fúnra rẹ̀ gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, èébì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, agbẹ̀du rẹ̀ ti wú, kò sì tíì sí ọgbẹ́. Èyí fi hàn pé awọ lè kọ́kọ́ wú nítorí kòkòrò náà. Nínú àwọn kan tó bá pẹ́ lára wọn, ó lè di ọgbẹ́. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì fún iṣẹ́ yìí ní 2005.

Nígbà tí ọkọ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ láti wá kòkòrò náà, wọn kò rí i. Omepurasóòlù tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń lò ló ṣi àyẹ̀wò lọ́nà. Ó yẹ kí ènìyàn ti dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àyẹ̀wò, kí oògùn apakòkòrò sì ti kúrò lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n rí kòkòrò náà, kámẹ́rà sì rí ọgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun rẹ̀. Omepurasóòlù tó ń dá lò ń pa ìrora rọ́rọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń padà. Ọjọ́ 14 ni ó fi lo oògùn apakòkòrò pẹ̀lú omepurasóòlù, kò fo ọjọ́ kan. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá parí oògùn apakòkòrò ni wọ́n máa ń tún àyẹ̀wò ṣe láti mọ̀ bóyá kòkòrò ti lọ.

Ìbéèrè tí ẹ ó gbọ́ ní ilé wa ni ti ààwẹ̀. Ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tó ń lo oògùn ọgbẹ́ lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ láìbi dókítà. A ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti jẹun, kó sì san án padà nígbà tí ara bá dá. Bí dókítà bá ní ó lè gbà á, kó lo omepurasóòlù ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú sààrì.

Àwọn ohun kan wà tí kì í dúró dọ̀la: ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà tó sì ń rùn gan-an, èébì ẹ̀jẹ̀ tàbí èyí tó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, òòyì tó ń gbé ènìyàn ṣubú, àti inú rírun tó dé lójijì tí inú sì le bí pákó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin máa ń mú ìgbẹ́ dúdú náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìrora náà bá ń wá nígbà tí ènìyàn bá ń rìn tàbí gun òkè, tí òógùn ń bò ó, tí apá tàbí àgbọ̀n sì ń dùn ún, ó lè jẹ́ ọkàn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá ń rù láìgbàwẹ̀, tàbí tí oúnjẹ ń há a lọ́fun, kó má fi oògùn ọ́sà bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: aago tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run, ìgbà tí ẹ jẹun kẹ́yìn àti ohun tí oúnjẹ ṣe sí i, àti gbogbo oògùn tí ẹ lò, títí kan ti ẹ̀yìn àti ti orúnkún. Ọkọ àti ìyàwó wa wọ̀nyí lo oṣù méjì lórí oògùn kan náà nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí.