Bí Bakitéríà Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ṣúgà Wàrà Ti Dé

Bakitéríà Ì-kólì tó ń gbé inú ìfun wa lè jẹ lákitóòsì, ṣúgà inú wàrà, bó bá ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé e sí méjì. Jíìnì mẹ́ta tó wà fún iṣẹ́ yìí tò tẹ̀ léra lórí okùn àbùdá rẹ̀. Bí lákitóòsì kò bá sí, puróténì adènà á dì mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn, bí ẹ̀ṣọ́ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, a kò sì ní lè ka jíìnì náà.

Ṣùgbọ́n ìdènà yìí kì í pé tán. Ẹ́ńsáìmù bíńtín ṣì máa ń jáde, ohun tó sì wù mí jù nìyẹn, nítorí òun ló ń sọ díẹ̀ nínú lákitóòsì tó bá wọlé di alolákitóòsì. Èyí á so mọ́ adènà, á yí ìrísí rẹ̀ padà, adènà á sì jábọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńsáìmù á pọ̀ gan-an.

Jákọ́bù àti Mónò, ní Páríìsì, ṣàlàyé èyí ní 1961. Bakitéríà tí jíìnì adènà rẹ̀ bàjẹ́ ń ṣe ẹ́ńsáìmù láìdáwọ́dúró, kódà láìsí lákitóòsì. Bí wọ́n bá fi jíìnì tó pé kún un, ìdènà á padà.